Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Kọ̀wé sí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì Nígbà Tí Yunifásítì Bá Dá Èsì Rẹ̀ Dúró

Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ni ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Gíwá ni alága rẹ̀, réjísírà ni akọ̀wé rẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn díìnì àti àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló sì pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń jókòó níbẹ̀. Èsì ìdánwò àṣekágbá kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yóò fi fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá èsì akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti fákọ́tì kò sì lè tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ àgbàlagbà kan pé kó ṣàánú. Wọ́n á ròyìn ìyà tí òbí jẹ kí wọ́n tó rówó ilé-ìwé san, wọ́n á ní àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ti lọ sìnrú ìlú, wọ́n á sì fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀. Òótọ́ lè ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì kò lè fi ìkankan nínú wọn ṣe ìpinnu. Ohun tó ń wò ni ìwé: ibo ni èsì yìí ti dúró, kí ló dá a dúró, ẹ̀rí wo ló wà pé ìdí yẹn kò sí mọ́ tàbí pé kò sí rárá, kí sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ kí ìgbìmọ̀ pinnu. Lẹ́tà tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí ní ojú ìwé kan ààbọ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí èsì ń gbà dé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí èsì ń gbà kò ní mọ ibi tó ti há. Olùkọ́ tó kọ́ kọ́ọ̀sì ló ń ṣe máàkì. Yóò ro máàkì iṣẹ́ àárín sáà, tó sábà máa ń jẹ́ 30 tàbí 40 nínú 100, pọ̀ mọ́ ti ìdánwò, yóò sì kọ àpapọ̀ rẹ̀ sínú ìwé máàkì ní iwájú nọ́ńbà mátíríkì akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé máàkì yìí á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ìdánwò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ẹni tí yóò kó máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì jọ sójú kan nínú bébà fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bíródíṣíìtì. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ìlà kan, kọ́ọ̀sì kan sì ni òpó kan.

Ìgbìmọ̀ àwọn olùyẹ̀wò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ á jókòó lé bíródíṣíìtì náà lórí. Fún àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì mìíràn á wá wo ìbéèrè àti ìwé ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò kọjá sí ìgbìmọ̀ fákọ́tì lábẹ́ díìnì, láti ibẹ̀ sí ọ́fíìsì réjísírà, kó tó wá dé iwájú Sẹ́nẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn tí gbogbo òpó wọn pé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ fún ìfọwọ́sí. Àwọn tí nǹkan ṣì kù lórí tiwọn ni wọ́n ń tò sí abala mìíràn pé èsì wọn ṣì dúró.

Ohun mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù tó ń gbé orúkọ ènìyàn sí abala kejì yìí. Èkíní ni máàkì tó sọnù tàbí tó wọlé sí ibi tí kò yẹ. Èkejì ni ìforúkọsílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, tàbí yúníìtì rẹ̀ lé ní iye tí òfin gbà fún sáà kan. Ẹ̀kẹta ni gbèsè àti ìwé ẹ̀rí, bí owó ilé-ìwé tí kò pé, èsì ìwé mẹ́wàá tí yunifásítì kò tíì rí àrídájú rẹ̀, tàbí ìyípadà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí kò tíì hàn lọ́dọ̀ àjọ JAMB. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀sùn àṣemáṣe nínú ìdánwò tí ìgbìmọ̀ ìwádìí kò tíì parí.

Ó yẹ kí a ya èsì tí wọ́n dá dúró sọ́tọ̀ kúrò lára èsì tí wọ́n fagi lé. Èyí tí wọ́n dá dúró ṣì wà láàyè. Wọ́n kàn ń dúró de nǹkan kan kí wọ́n tó gbé e jáde ni. Èyí tí wọ́n fagi lé ti gba ìdájọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ tako ìdájọ́ náà gbọ́dọ̀ sọ àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan náà kò lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì.

Wíwá ibi tí èsì ti há

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí náà gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ìdánwò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni bíródíṣíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí yóò bi í kò ju ẹyọ kan lọ: òpó wo ni kò pé lórí ìlà mi? Bí ó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì owó tàbí ọ́fíìsì ìgbàwọlé ló dí i mú, ọ̀gá ìdánwò yóò rí i lórí àkọsílẹ̀, ibẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà lọ. Gbèsè owó ilé-ìwé kò nílò lẹ́tà sí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Rìsíìtì tí ọ́fíìsì owó bá fọwọ́ sí ti tó láti yanjú rẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ni ìgbà tó jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn tó lágbára láti tún un ṣe. Bí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì bá ti fọwọ́ sí èsì sáà kan, olùkọ́ kò lè yí máàkì kan padà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti díìnì kò lè ṣe é. Wọ́n lè jẹ́rìí sí àṣìṣe náà, wọ́n lè dámọ̀ràn pé kí wọ́n tún un ṣe, àmọ́ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i ló gbọ́dọ̀ pàṣẹ àtúnṣe. Òfin yìí ló ń mú kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọ bíródíṣíìtì lọ́wọ́ alẹ́.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé. Ní ọdún kejì, ó gba 38 nínú kọ́ọ̀sì ìṣirò oníyúníìtì 3 tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn ń kọ́ wọn, STA 201. Ó fìdí rẹmi, kọ́ọ̀sì náà sì di kárí-ófà sí i lọ́rùn. Ní ọdún kẹrin, ó tún un ṣe, ó sì gba 62. Àmọ́ láàárín àkókò yẹn, wọ́n ti tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe, kọ́ọ̀sì kan náà sì ti ń jẹ́ STA 211. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi orúkọ sílẹ̀ fún STA 201 nítorí èyí ni ó jẹ lọ́rùn, ó sì jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe STA 211. Olùkọ́ fi gbogbo máàkì ránṣẹ́ lórí ìwé STA 211. Nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé kó èsì jọ, òfo ló wà ní òpó STA 201. Orúkọ rẹ̀ kò jáde pẹ̀lú ti àwọn tó gboyè.

Òfo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró lásán. Jẹ́ ká sọ pé láìka àtúnṣe ìdánwò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ náà ní yúníìtì 138, títí kan 3 tó kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú rẹ̀, àpapọ̀ pọ́ìntì rẹ̀ sì jẹ́ 484. Ní àwọn yunifásítì tó ń ka ìgbà méjèèjì tí ènìyàn ṣe kọ́ọ̀sì kan, yúníìtì yóò di 141. Bí wọ́n bá ka òpó òfo náà sí òdo, síjípíè rẹ̀ á jẹ́ 484 tí a fi 141 pín, ìyẹn 3.43. Bí wọ́n bá ka 62 rẹ̀, tó jẹ́ B pẹ̀lú pọ́ìntì 4 fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan, pọ́ìntì 12 ló máa wọlé. 496 tí a bá sì fi 141 pín jẹ́ 3.52. Lórí òṣùwọ̀n tó parí sí 5.00, láti 3.50 lọ sókè ni ipele kejì ti òkè ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní tú-wáànù. Kọ́ọ̀sì kan péré ló wà láàárín ipele dìgírì méjì.

Kí ló yẹ kó ṣe? Lẹ́yìn tí ọ̀gá ìdánwò ti fi òpó òfo hàn án, yóò gba ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ni kọ́ọ̀sì náà lọ, kì í ṣe ọ́fíìsì gíwá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa tú ìwé máàkì STA 211 wò, tí wọ́n á rí nọ́ńbà mátíríkì rẹ̀ pẹ̀lú 24 fún iṣẹ́ àárín sáà àti 38 fún ìdánwò. Yóò bẹ olórí ẹ̀ka náà kó kọ ìwé kékeré láti jẹ́rìí pé STA 201 àti STA 211 jẹ́ kọ́ọ̀sì kan náà, pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe ìdánwò náà, pé 62 ló gbà. Ìwé yìí ni ọ̀pá tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ máa fi dúró. Bí kò bá rí i gbà, ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa kù tí yóò fi sọ pé òun gba 62.

Ojú lẹ́tà náà

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yunifásítì ń lò, òun náà ni wọ́n á fi kọ lẹ́tà. Ìtò rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ó sì rí bákan náà káàkiri. Réjísírà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ orúkọ oyè réjísírà ni ìlà méjì máa ń wà tó fi hàn pé lẹ́tà náà gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọjá, ó sì gba ọwọ́ díìnì kọjá. Ẹni tó bá fo ìlà méjì yìí, tó gbé lẹ́tà lọ tààrà sí ọ́fíìsì gíwá, yóò rí i pé wọ́n á dá a padà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sì ti lọ. Bí lẹ́tà bá gba ọ̀nà tó yẹ, olórí ẹ̀ka àti díìnì á kọ ìdámọ̀ràn tiwọn sí ara rẹ̀, ìdámọ̀ràn yìí ni Sẹ́nẹ́ẹ̀tì sì máa ń kọ́kọ́ wò.

Lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè lọ báyìí:

*Réjísírà àti Akọ̀wé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì,*
*nípasẹ̀ Díìnì Fákọ́tì,*
*nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀ Ajé.*

*Ẹ̀yin ọ̀gá,*

*Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò èsì tí wọ́n dá dúró lórí STA 201, sáà kìíní, ọdún ẹ̀kọ́ 2022/2023*

*Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ni mí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Orúkọ àti nọ́ńbà mátíríkì mi wà nísàlẹ̀. Èsì mi wà lára àwọn tí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì dá dúró nítorí pé kò sí máàkì fún STA 201 lórí bíródíṣíìtì.*

*Mo forúkọ sílẹ̀ fún STA 201 gẹ́gẹ́ bí kárí-ófà, mo sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní sáà tí mo dárúkọ sókè yìí. Wọ́n ti yí nọ́ńbà kọ́ọ̀sì náà padà sí STA 211 kí ìdánwò tó wáyé. Máàkì mi, 62, wà lórí ìwé máàkì STA 211, ẹ̀ka tó ni kọ́ọ̀sì náà sì ti jẹ́rìí sí i nínú ìwé tí mo so mọ́ ọn.*

*Mo bẹ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n gbé máàkì 62 yìí sí òpó STA 201, kí wọ́n tún síjípíè mi ṣírò, kí wọ́n sì gbé èsì mi jáde pẹ̀lú déètì tí wọ́n fi fọwọ́ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọdún ẹ̀kọ́ yẹn.*

*Mo so àwọn ìwé wọ̀nyí mọ́ ọn: fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì tí olùdámọ̀ràn fọwọ́ sí, ẹ̀dà ìwé tí mo fọwọ́ sí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ìwé ìjẹ́rìí láti ẹ̀ka tó ni kọ́ọ̀sì, rìsíìtì owó ilé-ìwé ọdún náà.*

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ, nọ́ńbà mátíríkì, nọ́ńbà fóònù, déètì àti ìfọwọ́sí. Kò sí ẹ̀sùn kan olùkọ́ nínú lẹ́tà yìí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe àṣìṣe, akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò láti sọ ẹni tó jẹ̀bi kí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì tó lè tún un ṣe. Bó bá dárúkọ ẹnì kan, olúwarẹ̀ á fẹ́ fèsì, lẹ́tà tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe á sì di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ẹ tún kíyè sí i pé ohun tó ń bèèrè kò rú ẹnikẹ́ni lójú: ó dárúkọ máàkì, ó dárúkọ òpó, ó dárúkọ déètì. Bí ó bá kàn kọ ọ́ pé kí wọ́n “wo ọ̀rọ̀ òun”, wọ́n lè wò ó lóòótọ́, kí wọ́n má sì pinnu nǹkan kan.

Nínú gbogbo ìwé tó so mọ́ ọn, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì àti ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ sí nínú gbọ̀ngàn ló lágbára jù. Ti àkọ́kọ́ fi hàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ìdánwò náà, èkejì fi hàn pé ó ṣe é. Lẹ́tà tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sọnù lára rẹ̀ sábà máa ń padà wá pẹ̀lú ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń tọ́jú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì gbogbo sáà láti ọdún kìíní kò ní máa sáré kiri nígbà yìí.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti wọlé

Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń gbé lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá gba lẹ́tà á tẹ òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, á sì kọ déètì sára ẹ̀dà kejì, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú padà sílé. Ó ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì tí lẹ́tà bá dé, nítorí pé láàárín ọ́fíìsì méjì ni lẹ́tà ti sábà máa ń sọnù. Ẹni tó ní òǹtẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ti díìnì lọ́wọ́ á mọ̀ pé lẹ́tà òun kò tíì kúrò lọ́dọ̀ díìnì bí réjísírà bá ní òun kò rí i.

Kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ni wọ́n ń kà jáde níwájú Sẹ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n á sì gbé ìdámọ̀ràn wọn lọ sí ìpàdé ńlá. Níwọ̀n bí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì kì í ti í jókòó lójoojúmọ́, gíwá lè fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é fi falẹ̀ ní orúkọ Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì ròyìn rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Àtúnṣe tó hàn gbangba bíi ti STA 201 yìí, tí ẹ̀ka, díìnì àti ìwé máàkì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, wà lára ohun tó lè gba ọ̀nà yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ọjọ́ tó ń lé e, bí àyè ẹ̀kọ́ gíga tó máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, lè sọ ọjọ́ náà ní gbólóhùn kan, kó sì so ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn àṣemáṣe ló dá èsì dúró

Níbí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe máàkì ló sọnù. Ẹjọ́ ni kò tíì parí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ kí wọ́n tó pinnu ọ̀rọ̀ tó kàn án. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi èyí múlẹ̀ fún àwọn yunifásítì nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri ní 1986. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n lé kúrò lẹ́yìn rògbòdìyàn, nígbà tó jẹ́ pé igbákejì gíwá tí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ nínú rògbòdìyàn náà ló tún ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí wọn. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tó fara gbọgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kò lè jókòó ṣe adájọ́ rẹ̀, ó sì dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà láre.

Lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀sùn wà lọ́rùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kún fún ìbúra pé òun kò ṣe é. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni ìtàn ìgbẹ́jọ́ náà pẹ̀lú déètì: ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, bóyá wọ́n fún un ní ẹ̀sùn náà ní àkọsílẹ̀, bóyá wọ́n fi ìwé tí wọ́n ní wọ́n bá lára rẹ̀ hàn án, ọjọ́ tó fara hàn níwájú ìgbìmọ̀, àti bóyá wọ́n ti kọ ìpinnu ránṣẹ́ sí i. Bí wọn kò bá tíì pè é rárá, kó bèèrè pé kí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì dá ọjọ́ fún ìgbìmọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá ti dá a láre, àmọ́ tí ìròyìn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó èsì jọ, kó so ẹ̀dà lẹ́tà ìdáláre mọ́ ọn. Irú èyí wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, lẹ́tà olójú ìwé kan sì lè tú u.

Ohun tí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì kò ní ṣe

Sẹ́nẹ́ẹ̀tì kì í fi máàkì kún máàkì nítorí pé 69 sún mọ́ 70. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà pé olùkọ́ kò fún òun ní máàkì tó tọ́, kí wọ́n tún ìwé òun mà ló yẹ kó bèèrè. Ìyẹn ní ìlànà tirẹ̀: fọ́ọ̀mù, owó tí wọ́n ń san ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àti olùkọ́ mìíràn tí yóò ka ìwé náà. Kó mọ̀ pé máàkì lè wálẹ̀ bó ṣe lè gòkè.

Àwọn adájọ́ pàápàá kì í fẹ́ dá sí ìyẹn. Nínú ẹjọ́ Magit àti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Makurdi, tí wọ́n dá ní 2005, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kì í ṣe iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ láti gba iṣẹ́ yunifásítì ṣe lórí ẹni tó yege àti ẹni tí dìgírì tọ́ sí. Ohun tí ilé-ẹjọ́ lè wò ni bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin àti ìlànà, kì í ṣe iye tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà.

Bí ìdáhùn kò bá wá

Tí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, lẹ́tà ìránnilétí kúkúrú ló kàn, pẹ̀lú déètì tó wà lára òǹtẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ẹ̀dà rẹ̀. Bí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì bá kọ̀, tàbí tó dákẹ́ síbẹ̀, ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì ló kàn, réjísírà yìí kan náà sì ni akọ̀wé rẹ̀. Lókè pátápátá ni ẹni tí òfin ń pè ní Físítọ̀ wà: Ààrẹ orílẹ̀-èdè fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀, gómìnà fún ti ìpínlẹ̀.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fo àwọn àtẹ̀gùn yìí lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Onwumechili àti àwọn mìíràn lẹ́jọ́ pé kí ilé-ẹjọ́ fipá mú wọn gbé èsì tí wọ́n dá dúró jáde. Ní 1985, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé yunifásítì ni, àti pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lo gbogbo ọ̀nà tí òfin yunifásítì là sílẹ̀ tán. Ẹjọ́ Akintemi àti Onwumechili yìí ni agbẹjọ́rò yunifásítì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí títí di òní. Lójú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ló máa fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ti gun gbogbo àtẹ̀gùn náà.

Síbẹ̀, kó má jókòó tẹtẹrẹ. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi oṣù 3 ṣe gbèdéke fún pípè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́, àwọn yunifásítì ìjọba sì ti fi òfin yìí gbèjà ara wọn rí. Ẹni tó bá ń fura pé ọ̀rọ̀ náà lè dé kóòtù gbọ́dọ̀ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, kódà bí lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lọ́nà.

Ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò nígbà tí èsì bá jáde

Ìpinnu Sẹ́nẹ́ẹ̀tì máa ń dé gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà láti ọ́fíìsì réjísírà. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti parí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ìdánwò láti rí i pé wọ́n ti kọ máàkì náà sí òpó rẹ̀, pé síjípíè ti yí padà lórí pọ́tà yunifásítì, àti pé orúkọ rẹ̀ ti wọ àkójọ tí yunifásítì ń fi ránṣẹ́ sí àjọ àgùnbánirọ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ STA 201, bí 3.43 bá ṣì wà lórí ìwé èsì rẹ̀, wọ́n ti tú u sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn kò tíì tún un ṣírò.

Déètì ni kó wò kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 30 lọ́jọ́ tó gboyè kò ní lọ sìnrú ìlú, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún un. Bí wọ́n bá fi déètì tuntun sí ìwé èsì ẹni tó yẹ kó ti gboyè ní ọmọ ọdún 29, ìdúró yẹn ti gba àǹfààní kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí gbólóhùn nípa déètì fi wà nínú lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìpinnu Sẹ́nẹ́ẹ̀tì bá gbà á ṣùgbọ́n tí ìwé èsì kò gbé e, réjísírà lè tún ìwé náà tẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ tún padà sí ìgbìmọ̀.